Mo Kọ̀wé, Ṣùgbọ́n N Kò Kọ̀

Ìdáhùn tí ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, tí ó fún mi ní ààyè iṣẹ́, fi ránṣẹ́ sí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kò ju ìlà méjì lọ: “Kò sí wàhálà. A ti fi ọ̀sẹ̀ kan kún àkókò tí a fún ọ. Tí o bá ń bọ̀, mú lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ rẹ dání.” Inú yàrá mi ní Ọ́ńdà Jíì, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ti kà á lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí ó tó yé mi pé ímeèlì tí mo fi odindi alẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ láti sọ fún wọn pé n kò ní wá mọ́, ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi ní àkókò sí i ni wọ́n kà á sí.

Ipele kẹrin ni mo wà nígbà náà, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá. Àsìkò ti tó fún wa láti jáde lọ ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní áítì. Ọdún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ibi tí yóò ti ṣe é. Mo há lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ kiri ilé iṣẹ́ mọ́kànlá, láti Ìlọrin títí dé Èkó. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń ri pánẹ́ẹ̀lì oòrùn mọ́ orí òrùlé ni ó kọ́kọ́ dá mi lóhùn, bọ̀dá kan ní ìjọ wa tí ó ń ta wáyà iná ní Tákìé ni ó sì bá mi sọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n pè mí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọ́n sì fi ímeèlì ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé pé wọ́n fún mi ní ààyè, pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni wọn yóò máa fún mi lóṣù, àti pé kí n fèsì kí ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá.

Ní ọjọ́ kejì, màdáàmù tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ pè mí láti mọ̀ bóyá mo ti rí ímeèlì náà. Mo dá a lóhùn pé, “Mo ti rí i, mà. Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún yín.” Lójú tèmi, mo kàn dúpẹ́ ni, torí n kò sọ pé mo gbà tàbí pé n kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ láàrin ara wa: ọmọ Yorùbá wo ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó na nǹkan sí i báyẹn, tí ẹni náà kò ní gbà pé ó ti tẹ́wọ́ gbà á? Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ orúkọ mi mọ́ ti onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí n óò máa tẹ̀ lé lọ sí ibi iṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà pè mí. Wọ́n ní àwọn ti mú mi. Ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì fẹ́ ṣe ní àṣekágbá ẹ̀kọ́ mi jẹ mọ́ bí a ṣe ń darí mọ́tọ̀ iná, nítorí náà kò sí àròjinlẹ̀ kankan tí mo ní í ṣe. Owó wọn tún ju ti Ìbàdàn lọ, wọ́n sì ní yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa sùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ṣí fóònù láti kọ̀wé sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan fún ọdún mélòó kan, dá mi dúró. Ó ní ẹnu lásán ni wọ́n ṣì fi pè mí, pé kò tíì sí ohun tí mo lè tọ́ka sí bí wọ́n bá yí ohùn padà lọ́la, àti pé mo lè fi ìkánjú pàdánù méjèèjì. Ó ní kí n dúró títí ìwé yóò fi dé, kí n wò ó bóyá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, iye oṣù àti owó wà nínú rẹ̀, kí n fèsì pé mo gbà, kí àwọn náà sì jẹ́rìí pé ìdáhùn mi ti dé ọwọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni kí n tó kọjú sí Ìbàdàn.

Ìwé Ọ̀tà dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Mo fèsì, wọ́n sì dáhùn pé ó ti tẹ àwọn lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó yẹ kí n kọ ti Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mo sì ń fi òní dọ́la títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ohun tí mo wá kọ nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ inú rẹ̀ kò jìnnà sí èyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo kí yín, mo kí ọ̀gá wa onímọ̀ ẹ̀rọ àti gbogbo òṣìṣẹ́ pátá. N kò lè gbàgbé oore tí ẹ ṣe fún mi láéláé. Mà, nǹkan kan ni ó ṣẹlẹ̀ lójijì tí ó mú kí ọ̀rọ̀ ààyè yìí le díẹ̀ fún mi ní àsìkò yìí. Nǹkan mìíràn ṣí sílẹ̀, àwọn òbí mi sì ń gbé e yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ẹ bá mi mú sùúrù. Ìfẹ́ ọkàn mi ni láti bá yín ṣiṣẹ́, Ọlọ́run yóò sì ṣe ọ̀nà.”

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, inú mi dùn sí i. Mo rò pé mo ti fi ẹ̀kọ́ ilé hàn. Ìgbà tí ìdáhùn dé, tí mo sì ka èyí sí ẹ̀gbọ́n mi létí lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè lọ́wọ́ mi pé gbólóhùn wo ni mo ti kọ̀ níbẹ̀. Mo wá a, n kò rí i. “Ní àsìkò yìí” túmọ̀ sí pé àsìkò mìíràn lè rọrùn. “Àwọn òbí mi ń gbé e yẹ̀ wò” túmọ̀ sí pé wọn kò tíì pinnu, irọ́ sì ni, torí láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti gba ti Ọ̀tà. “Ẹ bá mi mú sùúrù” ni ẹni tí ó jẹ gbèsè máa ń sọ, ó sì fẹ́ kí wọ́n fún òun láyè sí i, ohun tí wọ́n sì ṣe fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo kọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò kọ̀. Àmì ohùn kan péré ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ṣàlàyé ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní tábìlì tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní ààyè mẹ́ta fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á mú mẹ́ta, wọ́n á sì kọ orúkọ méjì tàbí mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ tí wọn yóò pè bí ẹnikẹ́ni bá yẹ̀. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ wọ̀nyí kò mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀. Àwọn náà ń há lẹ́tà kiri, ibi tí ó bá sì kọ́kọ́ dá wọn lóhùn ni wọn yóò lọ. Ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi kún tèmi kò pa ilé iṣẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi ni ó ń pa lára. Ó ní bí òun bá ṣí ímeèlì báyìí, ohun méjì ni òun máa ń fojú wá: ta ni, àti ṣé ó ń bọ̀ àbí kò bọ̀. Ìkíni kò bí òun nínú, ṣùgbọ́n bí ìkíni bá bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, òun á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan títí òun yóò fi ráyè kà á dáadáa.

Kí n tó kọ èkejì, ó ní kí n lọ rí bọ̀dá wa ní Tákìé ná. Mo ti fẹ́ sá fún un, mo fẹ́ kí ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti parí. Mo bá a níbi tí ó ti ń wọn wáyà fún oníbàárà kan, ó ń na án láti èjìká dé ìka ọwọ́, ó sì ń ka iye yáàdì sókè. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúró títí ó fi gé e, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé o ti sọ fún wọn?” Mo ní mo fẹ́ kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbọ́ ná, sà. Ó ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìbá dùn mí ni kí n lọ bá wọn ra bátìrì kí wọ́n wá máa béèrè ọmọ tí mo mú wá lọ́wọ́ mi. Kọ ọ́ sí wọn lónìí. Má fi orúkọ mi sínú rẹ̀, èmi fúnra mi yóò pè wọ́n.” Mo ti pinnu láti kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ̀dá ti gbọ́, mo sì mọ̀ nígbà náà pé ńṣe ni ǹ bá fi í ṣe asà.

Mo pe màdáàmù náà lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ náà, kò gbé e. Bí ó bá gbé e pàápàá, n óò ṣì kọ ímeèlì, nítorí pé ímeèlì ni yóò fi han onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń retí mi, òun náà ni yóò sì fi pe ẹlòmíràn. Èyí tí mo kọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà nìyí:

“Ẹ káàsán, mà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi ní ààyè láti wá ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ní ilé iṣẹ́ yín. Mo ń kọ̀wé láti sọ fún yín pé n kò ní lè gba ààyè náà, nítorí pé mo ti gba òmíràn tí ó bá iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀kọ́ mi mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ààyè mi fún ẹlòmíràn láti òní lọ. N kò nílò ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi kún un.

Ẹ forí jì mí pé ọpẹ́ tí mo dá lórí fóònù mú kí ẹ rò pé mo ti gbà, àti pé ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́ lánàá kò sọ ojú abẹ níkòó.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ yín tí ó fi mítà hàn mí bí a ṣe ń mọ bátìrì tí ó kún yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ń tan ni jẹ. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.”

Orúkọ mi, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mi àti nọ́ńbà fóònù mi ni mo fi parí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gba ojú fóònù tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi yọ àwọn nǹkan kan kúrò kí ó tó di bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kà sí i létí, mo dárúkọ ilé iṣẹ́ Ọ̀tà, mo sì sọ iye tí wọn yóò máa san. Mo rò pé bí wọ́n bá rí iye náà, wọn yóò gbà pé mo ní ẹ̀tọ́ láti lọ. Ó ní rárá, pé ẹni tí ó bá dárúkọ owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà ni. Wọ́n lè fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé tiwọn, kí n tún wá wá ọ̀nà mìíràn láti kọ̀, tàbí kí wọ́n rò pé mo ń fi wọ́n wé ẹlòmíràn. Ìdí kan tí ó jẹ́ òótọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè bá mi jiyàn lé lórí, ti tó. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá jẹ́ òótọ́, wọn kò sì lè fi owó yí i padà.

Mo tún ti kọ ọ́ pé ara ìyá mi kò yá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń yá wa lára láti da àìsàn bo ẹni tí ara rẹ̀ le koko bí a bá fẹ́ yẹ àdéhùn sílẹ̀. Bọ̀dá tí ó mú mi lọ ń rí ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Gbólóhùn yẹn nìkan ni mo pa rẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó sọ̀rọ̀.

Èyí tí ó ṣòro jù fún mi láti yọ ni ìlérí. Mo ti kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí mo bá gba ìwé ẹ̀rí n óò wá bá wọn ṣiṣẹ́. Ó dùn ún gbọ́, ó sì dà bí ẹni pé ó ń wẹ̀ mí mọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá n óò ṣe é. Ọpẹ́ nípa mítà ni mo fi dípò rẹ̀, nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, onímọ̀ ẹ̀rọ náà mú mi dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì níbi tí bátìrì olómi mẹ́rin tò sí. Ó fi mítà kan ọ̀kan tí ó ti sinmi láti àná, ó fi fóòtì 12.7 hàn, ó ní èyí kún. Ó fi kan òmíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò lórí ẹ̀rọ tí ó ń gba iná sí i, nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ìyẹn lọ, ó sì ní kí n má gbà á gbọ́, kí n jẹ́ kí ó sinmi fún wákàtí díẹ̀ ná, kí n tó tún wọ̀n ọ́n. N kò rò pé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí ó kọ̀wé sí wọn lè kọ gbólóhùn yẹn.

Ní ti fífi ránṣẹ́, abẹ́ ímeèlì tí wọ́n fi fún mi ní ààyè gan-an ni mo ti fèsì, n kò bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kí ẹni tí ó bá ṣí i lè rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Wọ́n ti fi àdírẹ́sì onímọ̀ ẹ̀rọ náà kún ti màdáàmù nígbà tí wọ́n kọ sí mi, nítorí náà `Reply all` ni mo tẹ̀. Ìbá jẹ́ `Reply` nìkan ni mo tẹ̀, kò ní mọ̀ títí ọjọ́ tí yóò fi máa retí mi. Ibi ìdáhùn tí mo fún Ọ̀tà ni mo ti da ìkíni kọ, kí n má bàa tún un tẹ̀. Bí mo ṣe fi ránṣẹ́ tán ni mo rí i pé orúkọ màdáàmù Ọ̀tà ni ó wà lókè. Àyà mi já. Ọlọ́run ṣe é, `Undo` ṣì wà nísàlẹ̀ ojú fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́, mo yọ orúkọ náà kúrò, mo kà á sókè láti òkè délẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Oríire kan tún wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọgbọ́n mi. N kò tíì gba lẹ́tà olóǹtẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Ìbàdàn, n kò sì tíì fi ohunkóhun sílẹ̀ ní ọ́fíìsì áítì ní ilé ẹ̀kọ́. Ká ní mo ti fi í sílẹ̀ ni, ímeèlì nìkan kò ní tó. Ọ́fíìsì náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ pé mo fẹ́ pààrọ̀ ibi iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìbàdàn ni olùkọ́ tí wọ́n bá rán wá bẹ̀ mí wò yóò ti máa wá mi nígbà tí mo bá wà ní Ọ̀tà.

Ìdáhùn màdáàmù dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “A ti gbọ́. Ó dára tí o sọ ọ́ kedere. Ẹni tí ó tẹ̀ lé ọ lórí ìwé wa ti rí ibòmíràn láti ọjọ́ Ẹtì. Ṣé ẹnì kan wà ní kíláàsì yín tí kò tíì rí ibi kankan?” Mo ka ọjọ́ náà lórí ìka mi. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí ìwé Ọ̀tà dé, tí ojú sì ń tì mí láti kọ tiwọn.

Ọ̀rẹ́bìnrin wa kan wà tí ó ti há lẹ́tà sí ibi mẹ́rìnlá, tí kò rí ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yóò fẹ́ lọ sí Ìbàdàn kí n tó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tún dúpẹ́ fún ohun tí kò fẹ́. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn ní kùtùkùtù pẹ̀lú lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ nínú fáìlì, ó sì yá mítà mi lọ. Kò tíì dá a padà.